Iṣẹ́ Ìrọ̀lẹ́ àbí Ìwé Kíkà: Èló Gan-an Lohun Tí O Máa Yááfì?

Lọ́jọ́ Àìkú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún kẹta ló wà ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, kẹ́mísírì ló ń kọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó ní, "Àǹtí, mo ríṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù píóẹ̀sì ni, ní Tákíè. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí agogo mẹ́jọ alẹ́, Mọ́ńdè sí Fúráídè. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà ni wọ́n máa san lóṣù. Màámi ní kí n má ṣe é, wọ́n ní ìwé ni mo wá kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé, nítorí náà mi ò sọ pé kó ṣe é tàbí kó má ṣe é. Mo bi í pé, "Tí o bá gba iṣẹ́ yìí, kí lo máa yááfì?" Ó wò mí, ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí. Wọn ò ní kí n san kọ́bọ̀."

Ìdáhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa fún mi, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní iye ohun tí a yááfì kì í jáde lápò. Nígbà tí nǹkan méjì bá wà níwájú ẹni, tí ọwọ́ kò lè ká méjèèjì, tí a wá mú ọ̀kan, oore tí èkejì ìbá ṣe fún wa ni iye tí a fi ra èyí tí a mú. Àwọn baba wa ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ẹni tí ò fẹ́ pòfo, ọ̀kan ló máa lé, ìbéèrè tèmi sì ni pé èló ni eku tó jẹ́ kó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń ṣì mú. Bí wákàtí kan bá ṣeé lò fún ohun márùn-ún, tí o lò ó fún ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́rin tó kù lo pàdánù. Èyí tó dára jù lọ nínú wọn nìkan lo pàdánù, torí o ò lè fi wákàtí kan náà ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo mú bírò. A kọ́kọ́ wo owó iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Wákàtí 4 lójúmọ́, ọjọ́ 20 lóṣù, wákàtí 80 nìyẹn. Tí a bá pín ₦30,000 sí i, ₦375 ló bọ́ sí wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àdúgbò Adéníkẹ́ ló ń gbé. Màrúwà àlọ ₦200, àbọ̀ ₦200, ₦8,000 ti lọ lóṣù. Ó ní òun á tún máa ra oúnjẹ alẹ́ ₦1,000 torí òun ò ní ráyè dáná. Mo ní kó má yọ gbogbo ₦1,000 náà. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ náà ń jẹun, oúnjẹ tó ń sè nílé sì ń ná an ní bíi ₦800. Àlékún ₦200 nìkan ni ká kọ sí ọrùn iṣẹ́, ₦4,000 lóṣù. Ohun tó kù jẹ́ ₦18,000. Àlọ àti àbọ̀ ń gba ìdajì wákàtí lójúmọ́, nítorí náà wákàtí 90 ló máa lọ sí i lóṣù, kì í ṣe 80. A pín in, ó di ₦200 fún wákàtí kan. Ojú ọmọ náà yí padà. Iṣẹ́ tó gbọ́ pé ó jẹ́ ₦375, bó ṣe ń wọlé sí i gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni a wá bọ́ sí apá kejì, tó le jù. Mo bi í pé kí ni wákàtí 90 yẹn ìbá ṣe fún un tí kò bá lọ síbi iṣẹ́. Kíá ló dáhùn, "Màá kàwé." Mo ní kó padà sí yàrá rẹ̀, kó mú ìwé kékeré kan, kó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo ohun tó ń ṣe láti agogo mẹ́rin títí di mẹ́jọ ààbọ̀ sílẹ̀, kó má sì parọ́ fún ara rẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà míì tí èèyàn lè gbà rí ohun tó ń yááfì. Ohun tí a rò pé à bá ṣe kọ́ ló ṣe pàtàkì, ohun tí à bá ṣe lóòótọ́ ni.

Nígbà tó padà dé, ìwé náà sọ òótọ́ fún wa. Nínú wákàtí 4 àti ààbọ̀ lójúmọ́, oorun gba wákàtí kan, oúnjẹ sísè gba kan, fóònù àti ìtàkúrọ̀sọ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé gba kan. Ìwé kíkà gba wákàtí kan ààbọ̀. Wákàtí 30 lóṣù nìyẹn, kì í ṣe 90. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ ò rí i, Àǹtí? Kò tó nǹkan. Màá kà á lóru."

Mo ní kó fi ọwọ́ lé ibi tó kọ wákàtí kan ààbọ̀ náà sí. Agogo márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀ ni lójoojúmọ́, òun àti àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ni wọ́n máa ń yanjú. Kọ́ọ̀sì méjì tí ìṣirò pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń ṣe, àwọn kọ́ọ̀sì tí irú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú lọ́dún tó kọjá. Ta ló máa bá a yanjú ìbéèrè lágogo mẹ́wàá alẹ́, lẹ́yìn tó ti fi wákàtí mẹ́rin ka owó olówó? Wákàtí kò dọ́gba. Oorun ṣeé sún síwájú, fóònù ṣeé pa. Wákàtí kan ààbọ̀ yẹn ò ṣeé gbé sí ibòmíràn, òun gan-an sì ni iṣẹ́ fẹ́ mú lọ.

Báwo la ṣe máa fi owó díwọ̀n rẹ̀? A ò lè díwọ̀n rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n a lè sún mọ́ ọn. Tó bá ṣubú nínú kọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn, tó sì di pé ó ní láti lo ọdún kan sí i lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọdún kan owó oṣù ló sọnù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìlọ́po 12 rẹ̀ jẹ́ ₦840,000, mi ò sì ka owó ilé-ìwé ọdún náà mọ́ ọn. Èrè iṣẹ́ náà fún sáà ẹ̀kọ́ kan, oṣù mẹ́rin, jẹ́ ₦72,000. Ẹ wá wò ó báyìí: ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá tó rí bíi tirẹ̀ gba irú iṣẹ́ yìí, tí ọ̀kan péré nínú wọn torí ẹ̀ lo ọdún kan sí i. Tí a bá pín àdánù ẹni kan yẹn sórí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ₦84,000 ló bọ́ sọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ti ju ₦72,000 lọ. Mi ò sọ pé ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló ń ṣubú. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò dìgbà tí ewu bá tóbi kí iṣẹ́ náà tó di èyí tó ń jẹ ẹni tó ń ṣe é. Ẹni tí máàkì rẹ̀ ga, tí kò sí kọ́ọ̀sì tó ń lé e, ewu yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fún un, ìṣirò rẹ̀ á sì yàtọ̀.

Ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. "Àbúrò mi, sọ fún un pé mo ti san owó ilé-ìwé tán. Ṣé kí n wá sanwó kó máa lọ jókòó sídìí píóẹ̀sì ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, owó yẹn ti lọ. Bó ṣiṣẹ́, bí kò ṣiṣẹ́, kò lè padà wá. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò." Kò dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá rí bákan náà lọ́nà méjèèjì kò lè ràn wá lọ́wọ́ láti yan ọ̀kan, bó ti wù kó dunni tó. Ohun tó ṣì wà níwájú nìkan ni a ń wọ̀n.

Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ni pé ìwé kíkà náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tó jókòó ti ìwé ná an ní ₦200 tí ì bá gbà. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ṣí ìwé sílẹ̀ tó sì ń tẹ fóònù ni, ó ti pàdánù lọ́nà méjèèjì.

Ìwé kékeré yẹn náà ló fi ọ̀nà hàn wá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó kọ sílẹ̀ látàárọ̀, kò sí ìwé kíkà kankan níbẹ̀, aṣọ fífọ̀ àti oorun ni. Ó lọ bi ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù bóyá òun lè máa wá ní Àbámẹ́ta nìkan, agogo mẹ́wàá sí mẹ́fà. Ọ̀gá ní òun á san ₦3,000 lọ́jọ́ kan, ₦12,000 lóṣù. Owó màrúwà di ₦1,600, àlékún oúnjẹ ₦800, ₦9,600 ló kù fún wákàtí 34. Ẹ ṣírò ó: ó ju ₦280 lọ fún wákàtí kan. Owó ọkọ̀ kan náà tó ń gbé e lọ fún wákàtí mẹ́rin ló ń gbé e lọ fún mẹ́jọ báyìí. Ohun tó yááfì ni oorun ọ̀sán Àbámẹ́ta, aṣọ fífọ̀ sì bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ Àìkú. Mo ní kó bá ọ̀gá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìdánwò, òun ò ní lè wá, torí iye tí wákàtí Àbámẹ́ta ń jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì kọ́ ló máa ń jẹ́ nígbà tí ìdánwò bá kù díẹ̀.

Iṣẹ́ Mọ́ńdè sí Fúráídè yẹn kò ṣófo. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló gbà á. Kò sẹ́ni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí i, kò sì tíì rí owó ilé-ìwé sáà náà san. Mo bá òun náà jókòó lórí ìṣirò kan náà. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìwé kíkà ìrọ̀lẹ́ tí kò mú owó wá lè yọrí sí pé kò ní wọ gbọ̀ngàn ìdánwò rárá, gbogbo sáà náà ni ì bá sì yááfì. ₦200 kan náà ni wákàtí kan ń mú wọlé fún un. A jọ wá agogo márùn-ún àárọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ fún ìwé rẹ̀, kí ariwo ilé tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ní òun á fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ́ sílẹ̀ ká lè mọ̀ bóyá ó ń jí lóòótọ́.