Ọ̀rọ̀ asopọ̀ tó ń fi ìtakò, ìdí àti ìgbàfún hàn

Ọ̀rọ̀ asopọ̀ ìbátan ni ọ̀rọ̀ tàbí àpólà ọ̀rọ̀ tó ń so awẹ́ gbólóhùn, odindi gbólóhùn tàbí ìpínrọ̀ méjì pọ̀, tó sì ń sọ bí ọ̀kan ṣe kan èkejì. Ó lè jẹ́ pé èkíní ló fa èkejì (ìdí), ó lè jẹ́ pé wọ́n yàtọ̀ síra (ìtakò), ó sì lè jẹ́ pé èkíní yẹ kó dí èkejì lọ́wọ́, àmọ́ tí kò dí i (ìgbàfún). Ọ̀rọ̀ bíi *lákọ̀ọ́kọ́*, *lẹ́yìn náà* àti *níkẹyìn* kò ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé nìkan ni wọ́n ń sọ.

Ní ọdún 1976, àwọn onímọ̀ èdè méjì, Máíkẹ́ẹ̀lì Hálídè àti Rùkáyà Hásánì, pín àsopọ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì sí mẹ́rin: àfikún, ìtakò, ìdí àti àkókò. Ìpín náà bá Yorùbá mu dé àyè kan. Abẹ́ ìtakò ni wọ́n fi ìgbàfún sí, bẹ́ẹ̀ ìgbàfún ni ó dà bíi pé ó ṣòro jù láti lò dáadáa, nítorí èrò kan máa ń fara pa mọ́ sínú rẹ̀ tí ẹnu kò sọ jáde.

## Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, àsopọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìtàn bí olú-ìlú Nàìjíríà ṣe kúrò ní Èkó jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí hàn kedere. Ní ọdún 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà jẹ́ alága rẹ̀, láti yẹ ọ̀rọ̀ olú-ìlú wò. Òfin tó dá agbègbè Àbújá sílẹ̀ jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé, «Òfin Àbújá jáde ní 1976. Lẹ́yìn náà, ìjọba kó lọ síbẹ̀ ní 1991,» kò sọ ju bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara wọn lọ. Bí ó bá kọ ọ́ pé, «Òfin Àbújá jáde ní 1976, nítorí náà, ìjọba kó lọ síbẹ̀ ní 1991,» ó ti sọ pé òfin ló fa kíkó náà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò sọ ohun tó fà á tí ó fi jẹ́ 1991, tí kì í ṣe 1980. Bí ó bá sì kọ ọ́ pé, «Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Àbújá ti jáde láti 1976, síbẹ̀ ọdún 1991 ni ìjọba tó kó lọ,» ó ti dá ẹjọ́: ó ń sọ pé ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ọjọ́ kankan tó yí padà nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

## Ohun tó fara pa mọ́ sínú ìgbàfún

Gbogbo *bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé* ló dúró lé èrò kan tí òǹkọ̀wé gbà pé òǹkàwé náà ní. Láti rí èrò yìí, ẹ fi *nítorí pé* rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì yí apá kejì padà sí òdì rẹ̀. Gbólóhùn òkè yẹn á di: «Nítorí pé òfin ti jáde ní 1976, ìjọba kò pẹ́ kó lọ.» Bí ohun tó jáde bá jẹ́ ohun tí ènìyàn lè retí lóòótọ́, ìgbàfún náà dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àṣìlò ni. «Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó wà létí òkun, Àbújá wà láàárín ilẹ̀» kò yege, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń retí pé ibi tí Èkó wà ni yóò sọ ibi tí Àbújá máa wà.

Ìtakò lásán ló yẹ níbẹ̀: «Èkó wà létí òkun, ṣùgbọ́n Àbújá wà láàárín ilẹ̀.» A lè yí apá méjèèjì po láìsí ìpalára. Ìgbàfún kì í gba irú yíyípo bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé *ṣùgbọ́n* lè so òun náà. Bí bíríkìlà kan ní Kúbwà bá parí ilé, tí ẹnì kan sọ pé, «Ó mọ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ó pẹ́,» onílé tó gbọ́ ọ lè wá ẹlòmíràn nígbà mìíràn. «Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ọ́n dáadáa» ni wọ́n fi ń júwe òṣìṣẹ́ fún aládùúgbò. Ohun tó gbẹ̀yìn ló sábà ń borí.

Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn fún ìgbàfún. *Lóòótọ́ … ṣùgbọ́n* máa ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wọlé kó tó dá a lóhùn. *Bẹ́ẹ̀* máa ń ní ìfẹ̀sùnkàn nínú: «Ó ní òun kò lówó, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò.» *Kàkà kí* tún lágbára jù wọ́n lọ, torí ó ń sọ pé òdì ohun tí a retí gan-an ló ṣẹlẹ̀, *ńṣe* ló sì sábà ń tẹ̀ lé e: «Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i.»

## Ìdí

*Nítorí pé* máa ń ṣáájú ohun tó fa nǹkan. *Nítorí náà* àti *ìdí nìyí tí* máa ń ṣáájú àbájáde. Ọ̀kan lára ìdí tí ìgbìmọ̀ Àgùdà fi fọwọ́ sí kíkúrò ní Èkó ni pé ilẹ̀ kò tó níbẹ̀, nígbà tí ìlú kan náà ń ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ àti ti orílẹ̀-èdè. Bí a bá fi *nítorí pé* kọ èyí, ohun tó fa ìpinnu ló máa tọ́ka sí.

Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ èdè Ífù Suwítísà fi hàn ní 1990 pé ọ̀rọ̀ ìdí lè tọ́ka sí ẹ̀rí dípò ohun tó fa nǹkan. Bí ẹnì kan ní Kánò bá sọ pé, «Ọyẹ́ ti dé, nítorí pé ètè mi ti ń là,» kò sẹ́ni tó máa rò pé ètè ló mú ọyẹ́ wá. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń la ètè. Ètè tó là ni olùsọ̀rọ̀ fi mọ̀ pé ọyẹ́ dé. Nínú ìròyìn tàbí ìjábọ̀ iṣẹ́, ó dára kí a kọ «mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé…» kí òǹkàwé má baà fi àmì pe okùnfà.

## Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Kàdúná, Kánò tàbí Àbújá ń gbọ́ *amma* (ṣùgbọ́n), *saboda* (nítorí) àti *ko da yake* (bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé) lójoojúmọ́. Àwọn onímọ̀ kan so *àmọ́* ti Yorùbá mọ́ *amma*.

Nínú Yorùbá àti Haúsá, kò sí àléébù nínú fífi àmì sí apá méjèèjì ìgbàfún: *bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé … síbẹ̀*, *ko da yake … amma*. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé kò gba kí ọ̀rọ̀ tó dúró fún *bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé* àti èyí tó dúró fún *ṣùgbọ́n* wà nínú gbólóhùn kan náà, olùkọ́ a sì máa fa igi sí i nídìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ méjèèjì ti lóye ìbátan náà dáadáa. Ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kó yọ kúrò, kí ó sì fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà.