Bí ara ṣe ń ná kálórì àti bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń mú wá àti èyí tí ara ń ná. Gíráàmù kan oúnjẹ afáralókun tàbí amáradàgbà ní nǹkan bíi kálórì 4. Ọ̀rá ní 9.

Ọ̀pọ̀ rò pé eré ìdárayá ló ń gba kálórì jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọkàn, ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kì í sinmi, àwọn ló sì ń ná èyí tó pọ̀ jù, bí èèyàn tilẹ̀ dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Dídà oúnjẹ ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìrìn àti iṣẹ́ ń gba ìyókù.

Ara kì í da kálórì tó bá ṣẹ́ kù nù. Ó ń kó díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan gẹ́gẹ́ bíi gíláíkójìn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 500 lọ, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì ń fa omi bíi gíráàmù 3 mọ́ra. Èyí tó bá kọjá ibẹ̀ ń di ọ̀rá. Kílò kan ọ̀rá ara tó nǹkan bíi kálórì 7,700.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń tan èèyàn jẹ ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dín oúnjẹ kù. Ká ní obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan wọn kílò 70, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 165. Ìlànà Mifflin-St Jeor, tí wọ́n fi ń ṣírò kálórì tí ara ń ná bí èèyàn bá kàn dùbúlẹ̀, lọ báyìí fún obìnrin:

```
10 × kg + 6.25 × cm − 5 × ọdún − 161
```

Ó fún un ní nǹkan bí 1,420 lójúmọ́ bó bá kàn dùbúlẹ̀. Bó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, a ó fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀: 2,130. Tó bá wá ń jẹ 1,630, gbèsè 500 ló ń jẹ lójúmọ́, 3,500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Bí gíláíkójìn gíráàmù 300 bá san 1,200 nínú gbèsè náà, omi gíráàmù 900 á bá a lọ. Ọ̀rá á san 2,300 tó kù, ìyẹn bíi gíráàmù 300 péré. Òṣùwọ̀n á fi hàn pé kílò kan àtààbọ̀ ti lọ, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun tó ń lọ á dín kù gan-an, òun á sì rò pé ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bó bá padà jẹun dáadáa fún ọjọ́ méjì, omi náà á padà, láìjẹ́ pé ọ̀rá ti padà.

Nítorí náà, ó sàn kó máa wọn ara rẹ̀ láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun, kó wá fi ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ kan wé ti òmíràn. Nǹkan oṣù náà lè mú kí omi pọ̀ lára, torí náà kó fi ọ̀sẹ̀ kan wé irú rẹ̀ nínú oṣù tó kọjá.

Bó bá ti wọn kílò 63, ìlànà kan náà á fún un ní nǹkan bí 2,025 lójúmọ́. Oúnjẹ 1,630 tó ń jẹ kò yí padà, ṣùgbọ́n gbèsè náà ti dín sí bí 395, torí ara tó kéré kì í ná tó ti tẹ́lẹ̀.