Fífi Àṣírí Ilé-Iṣẹ́ Ra Ìpín Ìdókòwò: Ta Ló Ń Jẹ Gbèsè Rẹ̀?

Àwọn oníbàárà wa máa ń béèrè pé kí ló burú nínú kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fi ohun tó mọ̀ ra ìpín ìdókòwò. Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968 ni mo fi máa ń dá wọn lóhùn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1963, ilé-iṣẹ́ Texas Gulf Sulphur gbẹ́ ihò kan lẹ́bàá ìlú Timmins ní Kánádà, wọ́n sì bá bàbà àti síńkì níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n pa á mọ́, wọ́n tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ihò mìíràn síbi tí kò sí nǹkan kan kí ẹnikẹ́ni má baà fura, nítorí wọn kò tíì ra àwọn ilẹ̀ tó yí ibẹ̀ ká. Títí dé ibẹ̀, wọn kò tíì rú òfin, torí ilé-iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti pa àṣírí òwò rẹ̀ mọ́. Ọ̀ràn dé nígbà tí àwọn ọ̀gá kan àti àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín náà fún ara wọn, nígbà tí ẹyọ kan ṣì wà ní nǹkan bíi dọ́là 17.

Àwọn tó tà á fún wọn kò mọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1964, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ káàkiri, ilé-iṣẹ́ náà gbé àtẹ̀jáde kan síta pé iṣẹ́ tí àwọn ti ṣe kò tíì tó láti fi sọ ohunkóhun ní pàtó. Àwọn kan gbà á gbọ́, wọ́n sì ta ìpín wọn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ kéde pé ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà níbẹ̀ kò dín ní mílíọ̀nù 25 tọ́ọ̀nù, ẹyọ ìpín kan sì kọjá dọ́là 36 kí ọjà ọjọ́ náà tó parí.

Ọ̀rọ̀ olùdarí kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Bí wọ́n ṣe kéde tán fáwọn akọ̀ròyìn, ó tẹ ọkọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ alágbàtà ìpín láago, ó ní kó ra 2,000 ìpín, kí ìròyìn náà tó jáde lórí ẹ̀rọ ìròyìn ọjà ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 54. Ilé-ẹjọ́ ní ó yẹ kó dúró títí ìròyìn yóò fi dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Bákan náà ni òfin ọjà ìpín Nàìjíríà ṣe wí lónìí: bí ìròyìn tó lè yí iye ìpín padà bá wà nílẹ̀, àwọn olùdarí àti àwọn tó sún mọ́ wọn kò gbọdọ̀ rà tàbí tà títí wákàtí 24 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi í tó ọjà náà létí.

Àdánù rẹ̀ kò mọ sórí ẹni tó ta ìpín rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Bí olùdókòwò bá ti ń fura pé ẹni tó ń bá òun ná ọjà mọ ohun tí òun kò mọ̀, kò ní san iye tó tọ́ mọ́; yóò yọ díẹ̀ sílẹ̀ nítorí ewu náà, tàbí kó kúkú kó owó rẹ̀ lọ ra ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò ṣe ohun tó lòdì rárá náà yóò jìyà rẹ̀, torí owó tí wọ́n máa rí nígbà tí wọ́n bá tún gbé ìpín tuntun jáde yóò kéré.

Àmì tí àwa alágbàtà máa ń wò ni kí iye ìpín àti bí wọ́n ṣe ń rà á ga lójijì ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìkéde. Èyí nìkan kò tó ẹ̀rí o, nítorí ẹni tó fara balẹ̀ ka ìwé ìṣirò tí gbogbo ayé lè rí, tó sì fi làákàyè rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, kò dẹ́ṣẹ̀ kankan.