Kíríátìnì lára obìnrin: ibo ni omi náà ń lọ?

Kíríátìnì ni èròjà tí àwọn tó ń gbé irin ń mu kí iṣan wọn lè le, àwọn obìnrin kan sì ń bẹ̀rù pé omi tó ń fà wọ ara á mú inú wọn kún. Kì í ṣe àjèjì sí ara. Ara fúnra rẹ̀ ń ṣe nǹkan bíi gíráàmù 1 lójúmọ́, ẹran àti ẹja sì ń fi díẹ̀ kún un. Inú iṣan ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń gbé. Tí èèyàn bá gbé irin tó wúwo, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni agbára tó wà nílẹ̀ nínú iṣan fi ń tán. Kíríátìnì ló ń yára dá a padà, kí onítọ̀hún lè tún irin náà gbé lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Àgbékún yẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ló ń mú iṣan le. Ẹni tó ń mu ún láìgbé nǹkan kan, èrè rẹ̀ kéré.

Bí kíríátìnì bá ti wọ iṣan, omi á tẹ̀ lé e wọlé. Inú iṣan ni omi yìí ń jókòó sí, kì í ṣe inú ikùn. Ohun tó sábà máa ń mú inú kún ni àpọ̀jù: àwọn kan ń fi gíráàmù 20 lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Èyí tí kò ráyè wọ ẹ̀jẹ̀ á dúró sínú ìfun, á fa omi síbẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru sì lè tẹ̀ lé e. Gíráàmù 3 lójúmọ́ náà á kún iṣan, àfi pé á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ká ní obìnrin oníkílò 60 bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kẹfà, ó gun ìwọ̀n, ó rí 61.5, ṣòkòtò rẹ̀ sì ń fún un. Kíríátìnì ló máa dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ara ọ̀pọ̀ obìnrin ń da omi dúró lásìkò yẹn láìlo ohunkóhun. Omi ti nǹkan oṣù á fà lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ti kíríátìnì á dúró níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń lò ó. Ó sàn kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù bá parí, kó sì wọn ara rẹ̀ ní irú ọjọ́ kan náà nínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Kíríátìnì kì í ṣe họ́mónù. Bí nǹkan oṣù bá sé, oyún tàbí àìjẹun tó ni kó kọ́kọ́ wò.

Ti egungun ni ìpolówó ti ń ṣe àsọdùn, pé kíríátìnì ń mú egungun le. Ní Kánádà, ìwádìí olóṣù 12 kan tó jáde ní 2015 fi hàn pé egungun ìbàdí àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, tí wọ́n ń gbé irin, tí wọ́n sì ń lo kíríátìnì, kò joro tó ti àwọn tó gbé irin láìlò ó. Ìwádìí ọlọ́dún méjì tó tẹ̀ lé e, tó jáde ní 2023 pẹ̀lú obìnrin tó lé ní 200, kò rí ìyàtọ̀ nínú kíki egungun, bó tilẹ̀ rí àtúnṣe díẹ̀ nínú bí egungun itan ṣe rí. Irin gbígbé ni kí obìnrin gbẹ́kẹ̀ lé fún egungun.

Aláboyún, tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, kó má dá a lò láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín náà sọ pé òun ń lò ó, torí pàǹtí tí kíríátìnì ń dì ni wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ga díẹ̀ láìjẹ́ pé kíndìnrín bàjẹ́.