Lẹ́tà ńlá kọ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde

Ìgbàgbọ́ kan wà tí kò fẹ́ tán láàárín àwọn tó ń kọ ìkéde fún ẹgbẹ́, fún ìjọ àti fún àdúgbò. Wọ́n gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ṣe pàtàkì tó, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi tó. Wọn á fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn á jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ nípọn, wọn á sì to àmì ìyanu mẹ́ta mẹ́rin sí ìdí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Pé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń súni kà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, n kò ní í fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nínú èdè Yorùbá, àṣà yìí lè yí ohun tí a ní lọ́kàn padà sí òdìkejì rẹ̀, tí ẹni tó kọ ọ́ kò sì ní í fura.

Ẹ wo irú ìkéde tí ẹgbẹ́ onílé máa ń fi ránṣẹ́:

IKEDE PATAKI!!! IPADE EGBE ONILE YOO WAYE NI OJO SATIDE NI AGOGO MEWAA AARO NI GBONGAN ILE IWE. OWO TIRANSIFOMA JE EGBERUN MARUN-UN NAIRA. E MA SAN OWO NAA FUN AKOWE!!!

Kí ni ká ṣe pẹ̀lú owó náà? Onílé kan lè kà á sí “ẹ máa san owó náà fún akọ̀wé”, kó sì gbé owó lọ bá akọ̀wé. Òmíràn lè kà á sí “ẹ má san owó náà fún akọ̀wé”, kó dá owó tirẹ̀ dúró. Àwọn méjèèjì ka ohun tó wà níbẹ̀. Àmì ìyanu mẹ́ta tó wà ní ìparí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí ó bá ìtumọ̀ méjèèjì mu. Bí a bá jẹ́ kí lẹ́tà náà nípọn sí i, ohun kan náà ni.

Ẹnìkan á ní àmì ohùn tí kò sí níbẹ̀ ló fa èyí, pé lẹ́tà ńlá kò mọwọ́mẹsẹ̀. Òótọ́ ni apá kan. A lè kọ “Ẹ MÁ SAN” pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré. Àkọtọ́ wa náà sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀: “máa” ní a méjì, “má” ní ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń tẹ ìkéde. Ẹni tó bá ti pinnu pé lẹ́tà ńlá ni yóò ṣiṣẹ́ ìtẹnumọ́ fún òun kì í rí ìdí tí òun fi ní láti tún wá àmì kiri lórí fóònù. Ó rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀pọ̀ sì ti sọ ọ́ di bárakú láti máa kọ “ma” ẹyọ kan fún méjèèjì. Bí lẹ́tà ńlá àti àìsí àmì ṣe máa ń rìn pọ̀ nìyẹn, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti gbóná jù ni wọ́n ti máa ń rìn pọ̀ jù.

Ibo ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá gan-an? Mo rò pé àṣà kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan, ó lè fi ohùn tẹ ọ̀rọ̀ náà níbi tó wà, láìyí ètò gbólóhùn padà. Bó bá ń kọ ọ́, lẹ́tà ńlá ló ń dúró fún ohùn tó tẹ̀ yẹn. Ní ti Yorùbá, ohùn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ló ń ya owó sọ́tọ̀ kúrò lára òwò. Nítorí náà ètò gbólóhùn ni èdè wa gbé ìtẹnumọ́ lé lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ gírámà pè é ní gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Gbogbo wa là ń sọ ọ́ láti kékeré: a ó mú ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́ wá síwájú, a ó fi “ni” tẹ̀ lé e.

“Adé san owó.” Gbólóhùn lásán nìyẹn. “Adé ni ó san owó”: Adé ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. “Owó ni Adé san”: owó ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. “Sísan ni Adé san owó náà”: kò yá a, kò sì jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ la mú wá síwájú, “ti” máa ń wọlé: “Gbọ̀ngàn ilé ìwé ni a ó ti ṣe ìpàdé.” Fún ohun tí a fẹ́ kọ̀, “kọ́” ni: “Akọ̀wé kọ́, akápò ni.” Ohun èlò yìí ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́, a sì gbé e tì ká lọ máa tẹ lẹ́tà ńlá.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun kan wà nínú “ni” tí lẹ́tà ńlá kò ní, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìkéde kò tíì kíyè sí. Nínú ẹyọ gbólóhùn kan, ohun kan ṣoṣo la lè mú wá síwájú báyìí. “Ọjọ́ Sátidé ni a ó ṣe ìpàdé” dára. “Gbọ̀ngàn ilé ìwé ni a ó ti ṣe ìpàdé” dára. Ṣùgbọ́n “Ọjọ́ Sátidé ni gbọ̀ngàn ilé ìwé ni a ó ti ṣe ìpàdé” kì í ṣe Yorùbá, ọmọdé pàápàá kò ní í sọ ọ́. Èdè náà ń fi dandan mú wa yan ohun tó ṣe kókó, yóò sì gba ìyókù gẹ́gẹ́ bí ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀. Lẹ́tà ńlá kì í béèrè pé ká yan nǹkan kan. Ó gba ọjọ́, agogo, ibi ìpàdé, iye owó àti ìkìlọ̀ pọ̀, ó sì gbé gbogbo wọn sí ipò kan náà. Bí akọ̀wé kan bá rí i pé kò ṣeé ṣe fún òun láti yan ohun tí yóò ṣíwájú “ni”, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ohun tí òun fẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣe.

Ọ̀nà tí a lè fi mọ ohun tí yóò ṣíwájú kò le. Ká bi ara wa pé ìbéèrè wo ni ẹni tó ń kà á yóò kọ́kọ́ béèrè. Ta ni? Èló ni? Ọjọ́ wo ni? Ìdáhùn rẹ̀ la ó gbé ṣíwájú. Nínú ìkéde tiransifọ́mà yìí, ọjọ́ ìpàdé kọ́ ni wàhálà, torí àwọn onílé ti mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ń pàdé. Ẹni tí owó yóò bọ́ sí lọ́wọ́ ni ìbéèrè. Ó yẹ kí ìkéde náà rí báyìí:

Akápò ni kí ẹ san owó tiransifọ́mà fún. Ẹ má ṣe san án fún akọ̀wé. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni fún ilé kọ̀ọ̀kan. A ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé, agogo mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé.

Ẹ kíyè sí “má ṣe” tó wà níbẹ̀. Bí àmì bá tilẹ̀ bọ́ dànù, “e ma se san an fun akowe” kò ṣeé kà sí “máa” mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń sọ pé “ẹ máa ṣe san án”. Bákan náà ni “Akapo ni ki e san owo tiransifoma fun” ṣì yé ènìyàn láìsí àmì kankan. Ètò ọ̀rọ̀ ló gbé e ró. Ìyẹn wúlò gidigidi fún àwọn ẹgbẹ́ tó ṣì ń lo àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bí ẹ tàbí ọ bá ti wọ inú rẹ̀, iye náà á já sí 70, owó rẹ̀ á sì lè di ìlọ́po. N kò lè bá akọ̀wé tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilé jà pé kò fi àmì sí i. Ohun tí mo lè bẹ̀ ẹ́ ni pé kó kọ gbólóhùn tí kò ní í wó bí àmì bá ṣí kúrò.

Ẹ tún wo ohun tó ṣíwájú. Lójú fóònù tí a kò tíì ṣí, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń hàn. “IKEDE PATAKI!!!” ti gba àyè yẹn tán, kò sì sọ nǹkan kan.

Wọ́n máa ń dá mi lóhùn pé nítorí àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ ni. Wọ́n ń fi títóbi pe lẹ́tà ńlá ni. Ohun tí bàbá tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú nílò ni kí a tún fóònù rẹ̀ ṣe kí gbogbo lẹ́tà tóbi sí i, kékeré wọn àti ńlá wọn. Fún ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lórí pátákó tí a ó rí láti òkèèrè, mo gbà pé lẹ́tà ńlá lè hàn dáadáa. Odidi ìpínrọ̀ ni kò yẹ.

Ti lẹ́tà tó nípọn, n kò ní í sọ pé kó má sí rárá. Iye owó tàbí nọ́ńbà àpò owó, lẹ́ẹ̀kan nínú ìkéde, kò ba nǹkan jẹ́. Lórí Wọ́tsáàpù, ìràwọ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, láìfi àyè sílẹ̀ láàárín ìràwọ̀ àti ọ̀rọ̀:

```
*ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà*
```

Bí ẹnìkan bá ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, ìràwọ̀ lásán ni yóò kù níbẹ̀. “Ni” pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí gbogbo gbólóhùn bá gbé nǹkan ṣíwájú, kò ní í sí èyí tó yọ mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ kan ti mọ ohùn akọ̀wé wọn débi pé lẹ́tà ńlá kò lè ṣì wọ́n lọ́nà. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ní ti owó, ẹ ṣọ́ra. Àwọn oníjìbìtì náà fẹ́ràn lẹ́tà ńlá àti àmì ìyanu, nítorí ìkánjú ni wọ́n fi ń gba owó ènìyàn. Bí ìkéde ẹgbẹ́ bá ti jọ tiwọn, kí ni yóò jẹ́ kí ìyá kan mọ ìyàtọ̀? Bí “E MA SAN” bá dé sórí fóònù yín, tí kò sí “ṣe” níbẹ̀, tí kò sí àmì, ẹ pe akọ̀wé kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí ẹ sì lo nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìkéde náà.