Oṣù tó kọjá ṣófo, tàbí òdo ni: báwo la ṣe ń ṣírò ìdá ọgọ́rùn-ún?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ń fi Excel wo bí ọjà wa ṣe ń lọ sókè sódò láti oṣù dé oṣù. Níbi tí oṣù tó kọjá bá ti jẹ́ òdo tàbí tó ṣófo, `#DIV/0!` ló ń jáde. Wọ́n ní kí n fi `IFERROR` sọ ọ́ di 0. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí ẹ bá kọ 0 síbẹ̀, ẹni tó bá kà á yóò gbà pé ọjà ò yí padà, irọ́ sì ni.

Ẹ wò ó báyìí. Oṣù Kẹta, ẹ ta ẹ̀wà ₦40,000. Oṣù Kẹrin, ₦50,000. ₦10,000 ló fi lé. Ẹ fi 40,000 pín in, ó di ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Epo pupa ńkọ́? Òdo ni ní oṣù Kẹta, ₦30,000 ní oṣù Kẹrin. Kò sí bí a ṣe lè fi òdo pín nǹkan. Àwọn kan máa ń kọ 100% síbẹ̀, èmi ò fara mọ́ ọn: 100% túmọ̀ sí pé ọjà di ìlọ́po méjì, òdo kì í sì í ní ìlọ́po. Ẹ kọ "Tuntun" sí i.

Ti gàrí yàtọ̀. Ẹ tà á ní oṣù Kẹta, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi èsì tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, torí a ò mọ̀ ọ́n.

Bí oṣù Kẹta bá wà ní B, tí oṣù Kẹrin wà ní C:

```
=IF(OR(B2="",C2=""),"",IF(B2=0,IF(C2=0,0,"Tuntun"),(C2-B2)/B2))
```

Ẹ má pa ipò àwọn ìbéèrè inú rẹ̀ dà: ti àpótí tó ṣófo ni kó ṣáájú ti òdo. Lójú Excel, àpótí tó ṣófo bá òdo dọ́gba, nítorí náà bí ẹ bá kọ́kọ́ bi í nípa òdo, yóò pe gàrí náà ní "Tuntun".

Ewu mìíràn wà nínú `IFERROR`: gbogbo àṣìṣe ló ń bò mọ́lẹ̀. Bí akọ̀wé bá tẹ lẹ́tà O dípò òdo nínú iye ẹ̀wà, `#VALUE!` ló yẹ kó jáde kí ẹ lè tún un ṣe. `IFERROR` yóò sọ ọ́ di 0, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ní ti àròpọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ ro iye owó pọ̀ kí ẹ tó pín. Ẹ má ro àwọn ìdá pọ̀. Kí ẹ sì yọ gàrí kúrò nínú oṣù méjèèjì. Ẹ̀wà àti epo jẹ́ ₦40,000 ní oṣù Kẹta, ₦80,000 ní oṣù Kẹrin: ìdá 100. Bí ẹ bá ro gàrí ₦60,000 ti oṣù Kẹrin mọ́ ọn, yóò di ₦140,000, ìdá 250, nígbà tó jẹ́ pé ìwé tí a ò kọ ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.