Ihò kan tí wọ́n dí lórí hẹ́dà USB onípíìnì 19

Nídìí tábìlì àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà, gbólóhùn kan wà tí kì í tán lẹ́nu: "Bí kò bá wọlé, tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Fún wáyà iná onípíìnì 24, ọ̀rọ̀ náà kò burú, torí ìyẹn gan-an ń fẹ́ agbára kó tó wọlé tán. Ṣùgbọ́n hẹ́dà, ìyẹn ọgbà ike kékeré tó kún fún píìnì lórí bọ́ọ̀dù àgbà inú kọ̀ǹpútà, tí ó ń bọ́ pọ́ọ̀tù USB iwájú kéèsì, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Píìnì inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, mìlímítà 2 péré ló sì wà láàárín àwọn píìnì. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa níbẹ̀, píìnì ló ń tẹ̀.

Ọpọ́n ayò ni hẹ́dà yìí jọ jù lọ. Ìlà méjì ló ní, àfi pé dípò ilé mẹ́fà mẹ́fà, mẹ́wàá mẹ́wàá ni tirẹ̀. Kódà, bí ọmọ ayò ṣe ń yí ọpọ́n ká ni a ṣe ń ka píìnì rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ ní igun kan, a ka 1 títí dé 10, a ṣẹ́rí sí ìlà kejì, 11 kọjú sí 10, a sì ń ka padà bọ̀ títí a ó fi dé ilé 20 tó kọjú sí ilé 1. Ilé 20 yìí ṣófo. Kò sí píìnì nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ike dí ihò tó yẹ kó bá a mu lórí wáyà. Ìdí nìyí tí píìnì fi jẹ́ 19. Àwọn tó ń fi àwọ̀ búlúù dá a mọ̀ máa ń ṣìnà, torí dúdú ni ti ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù. Ilé tó ṣófo ní igun yẹn ló yẹ kí ojú máa wá.

Hẹ́dà kan ń bọ́ pọ́ọ̀tù méjì. Píìnì 1 sí 9 jẹ́ ti pọ́ọ̀tù kan, píìnì 11 sí 19 jẹ́ ti èkejì, tí wọ́n sì tò wọ́n bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Píìnì 1 àti 19 ló gbé iná fóòlìtì 5, àwọn méjèèjì sì wà ní etí ilé tó ṣófo náà. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni wáyà dátà tó yára, ti USB 3.0, méjì méjì, pẹ̀lú píìnì ilẹ̀, tí iná ń gbà padà, láàárín wọn. Ní òpin kejì ọpọ́n ni wáyà dátà ti USB 2.0 wà: 8 àti 9 fún pọ́ọ̀tù àkọ́kọ́, 11 àti 12 fún èkejì. Píìnì 10 dá dúró ní igun tirẹ̀.

Wàyí o, ká ní a yí orí wáyà náà po, tí iwájú di ẹ̀yìn. Píìnì 1 ti bọ́ọ̀dù yóò bọ́ sínú ihò 11, píìnì 19 yóò bọ́ sínú ihò 9. Iná fóòlìtì 5 ti bọ́ sórí wáyà dátà nìyẹn, fúláàṣì tí ẹnikẹ́ni bá sì kì bọ iwájú kéèsì ni yóò gbà á. Ohun kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn píìnì ni pé píìnì 10 yóò kọ́kọ́ kan ihò 20 tí wọ́n fi ike dí. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n fi ṣe olùṣọ́: píìnì tín-ín-rín kan tó jẹ́ pé òun gan-an ni yóò tẹ̀ bí ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò gbọ́ràn. Lóòótọ́, ọgbà ike tó yí hẹ́dà ká ní ibi tí wọ́n gé ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí kókó ara wáyà gbọ́dọ̀ bá mu, ṣùgbọ́n ọgbà náà kò ga tó bẹ́ẹ̀, ike rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ díẹ̀ fún alágídí.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, kì í ṣe yíyípo ló ń tẹ píìnì jù. Wíwọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀ ni. Wáyà yìí nípọn, ó sì le, torí wáyà pọ́ọ̀tù méjì ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbora wọn. Bó bá ti ká kò lẹ́yìn kéèsì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fa orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, torí nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, fóòlìtì 5 ṣì ń wà lórí hẹ́dà yìí bí a tilẹ̀ ti pa kọ̀ǹpútà. Kí a wá fi ọwọ́ tẹ wáyà náà síbi tí a fẹ́ kó gbà, kó tó di pé a gbé orí rẹ̀ súnmọ́ hẹ́dà, kí káàdì gíráfíìsì má sì tíì wà níbẹ̀ láti dí wa lójú. Tan iná tọ́ọ̀ṣì. Gbé orí wáyà lé e gbọọrọ, kí ọgbà ike gbé òpin méjèèjì mì lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà kí àtàǹpàkò méjèèjì tì í sísàlẹ̀. Bí òpin kan bá ti wọlé tí èkejì ṣì wà lókè, yọ ọ́, kí o wò ó.

Èyí tó wù mí jù ni bí píìnì tó tẹ̀ ṣe máa ń fara pa mọ́. Ká ní ẹnì kan ń da fídíò gígábáìtì 10 láti inú SSD alágbèéká. Ní pọ́ọ̀tù apá òsì iwájú kéèsì, ó gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ní apá ọ̀tún, pẹ̀lú SSD yẹn àti wáyà rẹ̀ kan náà, kò ju ìlàjì ìṣẹ́jú lọ. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lójú rẹ̀, torí pọ́ọ̀tù méjèèjì ṣáà ń ṣiṣẹ́. Lórí Líńọ́ọ̀sì, ó tẹ èyí:

```
lsusb -t
```

Níwájú SSD náà, apá òsì kọ `480M`, apá ọ̀tún kọ `5000M`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wáyà dátà tó yára ti já ní apá òsì, SSD sì sá sórí USB 2.0 tí píìnì tirẹ̀ ṣì dára. Nígbà tó ṣí kéèsì, píìnì 3 ti sùn lé píìnì 4 tí í ṣe ilẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ tún wà: bí ó bá jẹ́ 8 tàbí 9 ló tẹ̀, SSD lè máa sáré lọ, kí máòsì tí a kì sójú ibẹ̀ kan náà má mí rárá.

Abẹ́rẹ́ oníhò láti kẹ́mísì, irú èyí tí ihò rẹ̀ tóbi díẹ̀, tí a ti rẹ́ ẹnu rẹ̀ kó má mú mọ́, ni a lè kì bọ píìnì náà lórí títí dé ìdí. Kí a fi í gbé e dìde ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, kíkán ni yóò kán.

Yíyọ rẹ̀ ló burú jù nínú ètò yìí. Kò sí ìkọ́ kankan tó ń di wáyà mú. Fífún mọ́ra nìkan ni, ó sì máa ń fún jù. Bí a bá fà á láì fi ọwọ́ kejì di ọgbà ike mọ́lẹ̀, ọgbà náà lè bá wáyà jáde, kí gbogbo píìnì mọ́kàndínlógún wà ní ìhòòhò lórí bọ́ọ̀dù. A lè rọra yọ ike náà lẹ́nu wáyà, kí a sì dá a padà sórí píìnì. Àmọ́ ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tokunbo ni tirẹ̀ ti sọnù. Lórí irú wọn, kò sí ọgbà, kò sí ibi tí kókó yóò wọ̀. Ihò tí wọ́n dí nìkan ló kù, nítorí náà kí a fi ọ̀dà funfun díẹ̀ sára bọ́ọ̀dù níbi ilé 20, kí a sì fi díẹ̀ sí igun orí wáyà tó yẹ kó bá a mu.